Ṣé Ó Fẹ́ Máa Jò Ni, Àbí Ó Ti Ń Jò?

Àbúrò kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan hàn mí kó tó fi ránṣẹ́. Laurel níbí lòun náà ń gbé. Ọmọ Yorùbá ni lándílọ́ọ̀dù rẹ̀, bàbá tó tó bí i lọ́mọ. Ohun tó kọ rèé:

“Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu. Ó dà bíi pé òrùlé yẹn fẹ́ máa jò díẹ̀. Tí áyè bá wà, kí ẹ bá wa wò ó sà.”

Mo ní, “Ṣé ó fẹ́ máa jò ni, àbí ó ti ń jò?”

Ó ní, “Áńtí, ó ti ń jò. Omi bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni mo dà nù láàárọ̀.”

Ẹ ò rí i pé gírámà ti di ọ̀rọ̀ ìwà báyìí? Ẹni tó bá kà á pé òrùlé “fẹ́ máa jò” máa gbà pé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yìí ò fẹ́ parọ́ o, ìtìjú ló sọ òótọ́ di irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lára aláìsàn, mi ò lè kọ ọ́ sínú fáìlì pé ó dà bíi pé ó fẹ́ máa yọ díẹ̀. Iye tó yọ àti aago tó yọ ni mo máa kọ, torí ẹni tó ń bọ̀ wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀.

“Ẹ má bínú” ni mo tún bi í léèrè. Kí lo ṣe? Ṣé ìwọ lo lu òrùlé ni? Ó ń sanwó ilé déédéé. Mo ní kó fi ìkíni àti “ẹ” ọ̀wọ̀ sílẹ̀, ìyẹn ẹ̀kọ́ ilé, àmọ́ kó yọ ẹ̀bẹ̀ kúrò. Ohun tá a jọ tún kọ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ sà. Òrùlé yàrá kejì ti ń jò láti Sátidé, 8 Oṣù Kẹta. Omi ń kán sẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù iná, sílíìnì sì ti ń wú. Fọ́tò rèé. Mo fẹ́ kí ẹ rán ẹni tó máa tún un ṣe wá kó tó di Furaidé, 14 Oṣù Kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọjọ́ tó ń bọ̀ fún mi.”

Déètì yẹn kì í ṣe ti oge. Lábẹ́ òfin Maryland, tí ìbàjẹ́ ilé bá léwu gan-an fún ẹ̀mí tàbí ìlera, tí onílé ò sì tún un ṣe, ayálégbé lè ní kí kóòtù máa gba owó ilé pa mọ́. Àmọ́ onílé gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ná, torí ìgbà tó gbọ́ la ti ń kà á. Tó bá ju 30 ọjọ́ lọ, òfin gbà pé ó ti pẹ́ jù, àyàfi tí onílé bá fi ìdí mìíràn hàn. Torí náà, lẹ́tà tí wọ́n ń fọwọ́ sí gbà ní pósí dáa ju tẹ́ẹ́sì nìkan lọ. Kéèyàn kàn fúnra ẹ̀ dá owó ilé dúró, ìyẹn lè di kí wọ́n fẹ́ lé e jáde. Sílíìnì tí ọ̀dà rẹ̀ kàn ṣí díẹ̀ ò sì tó ohun tá a ń gbé lọ síbẹ̀.

Bàbá náà fèsì: “Ẹ ti wá ń sọ̀rọ̀ bíi lọ́yà.” Ọmọ náà fẹ́ bẹ̀bẹ̀, mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Kí n má purọ́, àyà tèmi náà já díẹ̀.

Ọjọ́ Wẹsidé ni kapẹ́ńtà dé. Rọ́bà tó yí ẹsẹ̀ páìpù tó yọ sórí òrùlé ká ló ti là.