Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Àlejò

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n a kì í sábà bi ara wa pé níbo ni àbọ̀ kejì ti ń wá. Inú ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ló ti ń wá. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, àdúrà tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ọ̀nà tó ti rìn, ló fi ń parí ohun tí a kò sọ. Bí a bá wá gbé àbọ̀ ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹni tí kò bá wa gbé ilé yẹn, òun náà yóò parí rẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tó wà nínú tirẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ bí a ṣe ń ṣe ìwé pẹlẹbẹ tí a fi ń pe àlejò wá wo ìlú wa: a ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ó gbé e fún ògbufọ̀ kí ó túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, a ó sì gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká fi Igbó Òṣun tó wà ní Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé àwọn mẹ́ta ni a fẹ́ pè wá síbẹ̀: ìdílé Yorùbá kan láti Èkó, tí wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí, ọmọ olóòṣà kan láti Bàhíà ní Bùràsíìlì, àti tọkọtaya ará Amẹ́ríkà tí wọn kò gbọ́ orúkọ Òṣun rí. Igbó kan náà ni wọn yóò wọ̀, odò kan náà ni wọn yóò rí, ọdún kan náà ni wọn yóò bá nínú oṣù kẹjọ. Síbẹ̀, ìwé mẹ́ta ló yẹ kí a kọ.

Akọ̀wé tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kọ ọ́ sí iwájú ìwé pé, "Ẹ wá sódò Yèyé, kí àgàn lè tọwọ́ àlà bosùn." Lójú ìdílé tó ti Èkó wá, àdúrà nìyẹn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti ṣe àmín kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ṣe é, kò sì sí ẹni tí yóò padà wá sọ pé, "Ẹ ṣèlérí, ẹ kò mú un ṣẹ." Bí ògbufọ̀ bá gbé e lọ sí Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà, osùn yóò kọ́kọ́ di ohun àjèjì tí kò ní ìtumọ̀. Bó bá wá fẹ́ ran òǹkàwé lọ́wọ́, tó kọ ọ́ pé obìnrin tí kò bímọ yóò lóyún bó bá dé etí odò yìí, ọ̀rọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdúrà ti di ẹ̀jẹ́ oníṣòwò. Ará Amẹ́ríkà mọ ìwé ìpolówó, ó sì mọ̀ pé ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀ ni a ń tà. Tọkọtaya tó ti pẹ́ lẹ́nu àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn lè ka gbólóhùn yẹn bí ìtàn èké, wọ́n sì lè gbà á gbọ́ kí wọ́n ná owó tí wọn kò ní. Èyí kejì ló ń bà mí lẹ́rù.

Kí ni kí a kọ fún wọn, nígbà náà? Èmi yóò kọ ọ́ pé ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin ti ń wá sétí odò yìí láti tọrọ ọmọ, àti pé wọ́n ṣì ń wá títí dòní. Òtítọ́ ni, ojú lè rí i, kò sì ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ìrètí tó wà nínú àdúrà wa kò kúrò níbẹ̀. Bí ó ṣe yẹ kí a ṣe sí ọ̀rọ̀ àṣà nìyẹn: kí a wá ohun tí gbólóhùn náà ń ṣe nínú ọkàn ẹni tó ni ín, kí a sì wá gbólóhùn mìíràn tí yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn àlejò, bí kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jọra.

Ọ̀rọ̀ ti ará Bàhíà yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó ti ń kí Òṣun ní "Oore Yèyé o" láti kékeré, tó mọ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ tó pọ́n bí idẹ, tó mọ ẹyọ mẹ́rìndínlógún, kò yẹ kí a máa fi ìpínrọ̀ mẹ́ta ṣàlàyé fún un pé òrìṣà odò ni Òṣun. Ìwọ̀sí ni. Ibi tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ti pé ni kí a lọ. Ilé òrìṣà ni ó ti mọ Òṣun, níbi tí ìyálórìṣà ti ń darí ètò. Ní Òṣogbo, ọdún gbogbo ìlú ni, Àtaọ́ja ń bá wọn jáde, Arugbá, tí í ṣe wúńdíá, ló sì ń gbé igbá lọ sódò láàárín èrò. Ohun tó yẹ kí a sọ fún un ni bí ètò ọjọ́ náà ṣe ń lọ, ibi tí yóò dúró, àti pé a kì í dí Arugbá lọ́nà.

Ìdẹwò kan tún wà níbẹ̀. Ìwé tó sọ pé Òṣun ni Màríà Mímọ́ tí àwọn àgùdà ń bọ yóò rọrùn láti kọ, nítorí ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ọ̀pọ̀ èèyàn ní Bùràsíìlì. Mo bẹ àwọn akọ̀wé pé kí wọ́n má kọ ọ́. Ní 1983, Ìyá Stella, tó jẹ́ ìyálórìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, àti àwọn ìyálórìṣà mìíràn ní Bàhíà, kéde ní gbangba pé kí a yé fi ẹni mímọ́ ìjọ àgùdà bo òrìṣà mọ́lẹ̀. Ẹni tí a rò pé a fi àfiwé yẹn yẹ́ sí lè jẹ́ ọmọ ilé tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ̀ ọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tí àlejò mọ̀ ló fẹ́ kí a fi kí òun káàbọ̀.

Òǹkà náà ní àbọ̀ tirẹ̀. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà. Ará Bùràsíìlì mọ hẹ́kítà, kò sí wàhálà. Ará Amẹ́ríkà kò fi í ṣírò ilẹ̀. Éékà ló mọ̀, nǹkan bíi 185 sì ni. Akọ̀wé mìíràn yóò ní kí a fi pápá bọ́ọ̀lù ṣe é kí gbogbo ayé lè rí i lójú, igbó náà sì tó pápá bọ́ọ̀lù bíi 105. Ó dára fún Èkó àti Bàhíà. Ṣùgbọ́n bí ará Amẹ́ríkà bá gbọ́ pápá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré ló wá sí i lọ́kàn, pápá ìyẹn sì kéré sí tiwa. Tirẹ̀ yóò tó 140. Ẹni tó kàn túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà tó fi 105 sílẹ̀ ti pa irọ́ láìmọ̀.

Láti Èkó sí Òṣogbo tó kìlómítà 230. Bí a bá sọ ọ́ di máìlì, bíi 140 ni. Kí a má kọ 142.9, nítorí ojú ọ̀nà kò mọ ìdá mẹ́wàá máìlì. Síbẹ̀, a kò tíì ran ará Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Ní ìlú tirẹ̀, wákàtí méjì àti díẹ̀ ni 140 máìlì, yóò sì pinnu pé òun lè lọ kí òun bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún ni kí a kọ fún un, kí a sì ní kí ó sun Òṣogbo. Ìdílé Èkó kò nílò kìlómítà tàbí máìlì. Ohun tó yẹ ká sọ fún wọn ni pé kí wọ́n ti kúrò ní Bẹ́gà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Bákan náà ni ti ojú ọjọ́. Bí a bá kọ 28 láìsọ irú díígírì tó jẹ́, ará Amẹ́ríkà yóò wá ẹ̀wù òtútù, nítorí omi ti di yìnyín ní 28 tirẹ̀. 82 ni kí a kọ fún un. Kí a sì má pe oṣù kẹjọ ní ìgbà oòrùn nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní ìlú rẹ̀. Àárín òjò ni tiwa, ilẹ̀ igbó sì ń yọ̀. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí a ní kó mú wá.

Fún ìdílé Èkó, ìṣòro tí a ní ni pé wọ́n rò pé àwọn ti mọ Òṣogbo. Ẹ sọ ohun tí wọn kò mọ̀ fún wọn: pé Susanne Wenger, tí a ń pè ní Àdùnní Olóòṣà, dé Nàìjíríà ní 1950, pé òun àti àwọn ọmọ ìlú bí Adébísí Àkànjí ló mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère ńlá tó wà nínú igbó náà, pé ìjọba ti sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, àjọ UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo àgbáyé ní 2005. Kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè tí wọn kò ní í bi yín lójú: wọ́n lè wọlé, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì jáde láìbọ ohunkóhun.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ yí padà nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A kì í pẹja nínú odò yẹn, a kì í dọdẹ nínú igbó yẹn. Bí Yorùbá bá gbọ́ èèwọ̀, ó ti tó. Àlejò yóò fẹ́ mọ ìdí, ó sì dára láti sọ fún un pé ìránṣẹ́ Òṣun ni ẹja, àti pé orúkọ oyè Àtaọ́ja pàápàá ti inú ìtàn ọba tó tẹ́wọ́ gba ẹja wá. A lè fi ìdí kún un, a kò lè fi ọ̀rọ̀ ìtìjú dín in kù títí yóò fi di ẹ̀bẹ̀ lásán. Ti omi mímu náà wà níbẹ̀. Ìwakùsà góòlù lápá òkè odò ti ba omi náà jẹ́, àwọn aláṣẹ ìlera sì ti kìlọ̀. Ará Bàhíà tó fẹ́ fi ìfọkànsìn mu ún ni kí a kọ ọ́ gàdàgbà fún jù lọ.

Kí ìwé tó lọ sílé ìtẹ̀wé, ẹ gbé e fún òǹkàwé kan nínú irú ẹni tí a kọ ọ́ fún. Kí ó má jẹ́ ògbufọ̀, nítorí òun ti ka ti Yorùbá, àbọ̀ kejì ti wà nínú rẹ̀. Bó bá kà á tán, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ bi í pé: wákàtí mélòó ni o máa lò lójú ọ̀nà? Kí lo máa wọ̀ sẹ́sẹ̀? Kí ni o kò gbọdọ̀ ṣe létí odò? Ibi tó bá ti ṣi ìdáhùn ni ìwé ti ṣì í lọ́nà. Ẹ má ṣàlàyé fún un, ìwé ni kí ẹ tún kọ.

Kí ìwé mẹ́ta má bàa di irọ́ mẹ́ta, ẹ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo òkodoro ọ̀rọ̀ wà: ọjọ́, owó ìwọlé, ìwọ̀n, èèwọ̀. Lára rẹ̀ ni akọ̀wé kọ̀ọ̀kan yóò ti máa mú. Kí a fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù sínú gbogbo wọn, nítorí 8/12 jẹ́ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ní Amẹ́ríkà, ó sì jẹ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá fún wa àti fún Bùràsíìlì. Náírà ni kí a fi kọ owó, kí a má yí i sí dọ́là, nítorí iye rẹ̀ lè ti yí kí ìwé tó gbẹ. Bí owó ìwọlé bá jẹ́ 1,500, kí ti Bùràsíìlì jẹ́ 1.500, nítorí àmì tí àwa fi ń ya kọ́bọ̀ sọ́tọ̀ ni wọ́n fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀.