Ilẹ̀kùn Tó Ṣí Lójú Kọ̀ǹpútà, Tó Há Lójú Irin

Nínú SolidWorks, irin lè gba inú irin kọjá láì dún rárá. Ayàwòrán lè fa ilẹ̀kùn àpótí kan yípo, kí etí rẹ̀ wọ inú ara àpótí, kó sì yọ jáde padà, láìsí ohun tó máa dá a dúró. Ohun tí wọ́n ń pè ní Mate kò mọ̀ pé irin le. Ohun tí a bá sọ fún un nìkan ló mọ̀: pé ojú irin yìí gbọ́dọ̀ kan ìyẹn, pé ọ̀pá yìí gbọ́dọ̀ wà ní àárín ihò yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ yìí ná ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan n'Íbàdàn lówó. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ló gbà pé bí nǹkan bá ti yí lójú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ti parí.

Àpótí bátìrì méjìlá ni iṣẹ́ náà, ti ilé tó ń lo iná oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tóóró kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 900 mìlímítà ni wọ́n máa tò wọ́n sí, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún, kí àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí oníṣẹ́ tẹnu mọ́ jù ni pé kí ilẹ̀kùn ṣí pátápátá, kó lọ tẹ́ pẹrẹsẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹni tó ń tún bátìrì ṣe má dínà mọ́ ẹni tó ń kọjá. Ìyẹn ni pé kí ilẹ̀kùn yí dé 180 dígírì. Fífẹ̀ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ 600 mìlímítà, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ 20: páìpù onígun mẹ́rin ni férémù rẹ̀, wọ́n fi páànù bò ó níta, wọ́n sì gé páànù náà gún régé ní etí.

Ọmọkùnrin tó ń yàwòrán fún wọn mọ kọ̀ǹpútà dáadáa. Ó gbé ara àpótí wọlé lákọ̀ọ́kọ́, ó sì jẹ́ kó dúró ṣinṣin, tí àmì (f) fi hàn níwájú orúkọ rẹ̀. Ó gbé ilẹ̀kùn wọlé, ó wọ ibi Mechanical, ó sì mú Hinge. Nínú àpótí Concentric Selections, ó yan ọ̀pá híńjì àti ihò tí ọ̀pá náà ń wọ̀. Nínú Coincident Selections, ó yan ojú irin méjì tó ń jókòó léra wọn, kí ilẹ̀kùn má baà máa yọ́ lọ sókè sódò. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn: ilẹ̀kùn kò lè lọ síbì kankan mọ́, àfi kó yí lórí ọ̀pá rẹ̀. Ó wá fàmì sí Specify angle limits, ó yan ojú àpótí àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì tẹ 0 àti 180.

Níbi 180 yẹn ni wàhálà ti wọlé. Ibo ló ti rí nọ́ńbà náà? Ẹnu oníṣẹ́ ni. Kò wá láti ara irin. Ààlà tí a bá tẹ̀ síbẹ̀ kì í ṣe ìwádìí, àṣẹ ni. SolidWorks kò ní bi ọ́ léèrè bóyá híńjì tó o yà lè dé ibẹ̀. Á kàn jẹ́ kí ilẹ̀kùn yí láti 0 dé 180 bó o ṣe wí.

Kò ṣe àìbìkítà o, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ Interference Detection, kò sí ibi tí irin méjì ti wọnú ara wọn. Ó ṣí i dé 180, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò sí. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gé irin àpótí méjèèjìlá lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí wọ́n de ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ mọ́ àpótí, ó ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kọjá ìdajì, ó wá dúró gbọnin. Wẹ́dà tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Kò fipá tì í, ohun tó sì gba híńjì náà là nìyẹn, torí ẹni tó bá fagbára ti ilẹ̀kùn tó há báyìí, ọ̀pá híńjì ló máa tẹ̀. Ó pe ọmọkùnrin náà: “Wá wo ibí, ọmọ mi. Ibo lo ní kó dúró sí?”

“Kò yẹ kó dúró rárá, Baba. Ó yẹ kó lọ tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni.”

“Etí rẹ̀ ló ń gbá àpótí. Wo ọ̀dà tó ti bó níbí.”

Wọ́n wọn ibi tí ilẹ̀kùn dúró sí, ó tó 124 dígírì. Bó ṣe dúró yẹn, orí rẹ̀ yọ sínú ọ̀nà ní ìdajì mítà. Irínwó mìlímítà péré ló ṣẹ́ kù fún èèyàn láti gbà kọjá.

Àgbàlagbà náà kò nílò kọ̀ǹpútà láti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbé kọ́ńpáàsì irin rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan sí àárín ọ̀pá híńjì, ó na ẹsẹ̀ kejì dé igun iwájú ilẹ̀kùn, ó sì fi fa ìlà yípo. Ìlà náà kọjá ojú àpótí wọnú. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ nìyí. Àárín ọ̀pá híńjì wà ní mìlímítà 7 sí etí ilẹ̀kùn, ó sì wà ní 9 sí ẹ̀yìn rẹ̀, tó fi jẹ́ pé 11 ló kù sí iwájú. Àyè tó wà láàárín ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti ojú àpótí jẹ́ 3, níbi tí róbà ń jókòó sí. Nítorí náà, láti àárín ọ̀pá dé ojú àpótí jẹ́ 9 pẹ̀lú 3, ìyẹn 12. Igun iwájú ilẹ̀kùn ńkọ́? 7 lọ́nà méje jẹ́ 49, 11 lọ́nà mọ́kànlá jẹ́ 121; àpapọ̀ wọn jẹ́ 170, gbòǹgbò rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 13. Igun tó jìnnà sí ọ̀pá ní 13 kò lè gba àyè tó jẹ́ 12 kọjá. Mìlímítà kan péré ni gbogbo ìjà náà.

Ibi tó yẹ ká dúró sí dáadáa ni pé igun yìí kì í wọnú àpótí nígbà gbogbo. Bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí, igun náà ń sọ̀ kalẹ̀ sún mọ́ ojú àpótí, ó kàn án ní nǹkan bí 124 dígírì, ó wọnú rẹ̀, ó sì tún jáde ní nǹkan bí 170. Ní 180, ó ti wà níta padà, mìlímítà kan sí ojú àpótí. Ìdí nìyẹn tí Interference Detection kò fi rí nǹkan kan. Ibi tí ilẹ̀kùn dúró sí lásìkò tí a tẹ̀ ẹ́ nìkan ló ń wò, kò mọ ọ̀nà tí ilẹ̀kùn gbà dé ibẹ̀. Ọmọkùnrin náà yẹ ìbẹ̀rẹ̀ wò, ó yẹ òpin wò, àárín ló sì ti bàjẹ́. Nígbà tó sì ń fi máòsì fà á lọ fà á bọ̀, mìlímítà kan tó wọnú irin lórí àpótí tó ga ju èèyàn lọ, ojú wo ló máa rí i?

Ohun tó yẹ kó lò wà nínú ètò náà. Ní Move Component, Collision Detection wà, tí Stop at collision sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá fàmì sí i, irin á le lójú kọ̀ǹpútà: bí a bá ń fa ilẹ̀kùn, á dúró níbi tó bá ti kan nǹkan, àwọn ojú irin tó kan ara wọn á sì yí àwọ̀ padà. Ó ṣe é lọ́jọ́ náà níwájú gbogbo wa, ilẹ̀kùn tó wà nínú àwòrán sì dúró níbi tí ti irin dúró sí gan-an. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń ṣe é fà á díẹ̀díẹ̀, torí bí a bá fà á kíákíá, ó lè fo ìfarakanra kékeré kọjá. Ó sì dára kó ti ṣí Hinge náà padà, kó yọ àmì kúrò ní Specify angle limits ná, kí irin fúnra rẹ̀ sọ ibi tó lè dé kí nọ́ńbà tó sọ tiẹ̀. Bí ọ̀pá híńjì bá ti wà nínú ihò rẹ̀ láìsí àyè rárá, ètò náà lè máa ké pé wọ́n kan ara wọn látìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn àti ara àpótí nìkan ni kó yàn pé kí wọ́n yẹ̀ wò.

Wọ́n tún un ṣe láì gé irin tuntun. Wọ́n fi páànù tó nípọn tó mìlímítà 2 sábẹ́ apá híńjì tó mọ́ àpótí. Èyí ti ọ̀pá àti ilẹ̀kùn jáde pọ̀, àyè tó jẹ́ 3 di 5, ọ̀pá sí ojú àpótí di 14, igun tó jẹ́ 13 sì ń kọjá pẹ̀lú mìlímítà kan. Ṣùgbọ́n róbà àtijọ́ kò kan ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mọ́, eruku á sì máa wọlé sórí bátìrì. Róbà tó nípọn jù ú lọ ni wọ́n rà fún àpótí méjèèjìlá, òun ló sì gba owó jù nínú àtúnṣe náà. Mìlímítà kan yẹn kò pọ̀. Ọ̀dà tó bá nípọn lójú méjèèjì ń jẹ nínú rẹ̀, híńjì tó bá sì ti ń jẹra á jẹ èyí tó kù. Ká ní inú àwòrán ni wọ́n ti rí i, wọn ì bá sún ọ̀pá sí etí ilẹ̀kùn, kó wà ní 4 dípò 7. Igun náà ì bá wá sí nǹkan bíi 11.7, róbà àtijọ́ ì bá sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lu ihò.

Ó ku ààlà inú àwòrán. Ọmọkùnrin náà ti ṣàkíyèsí tẹ́lẹ̀ pé nígbà mìíràn tó bá tẹ Ctrl+Q, ilẹ̀kùn á fò, á wọnú àpótí lọ. Ohun tó ń fa ìyẹn ni pé dígírì tí ààlà yìí ń kà kò ní apá ọ̀tún tàbí apá òsì: 20 sí iwájú àti 20 sí ẹ̀yìn, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀, bí ilẹ̀kùn bá sì wà ní 0 tàbí 180 gan-an, ó lè gba ibikíbi. Ní 0, róbà ojú àpótí ló ń dá ilẹ̀kùn dúró, nítorí náà ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fa ilẹ̀kùn sí àárín kó tó tẹ nọ́ńbà, ó sì ń wò ó lẹ́yìn Ctrl+Q. Ní òpin kejì, Baba ní kí wọ́n de róbà ìdádúró kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí kí ilẹ̀kùn má baà máa gbá ògiri. Wọ́n wọn ibi tí róbà náà dá ilẹ̀kùn dúró sí, ó jẹ́ 175. Ọmọkùnrin náà ya róbà náà sínú àwòrán, ó fi Collision Detection fa ilẹ̀kùn lọ bá a, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó pa 180 rẹ́, tó sì tẹ 175.