Ibo Gan-an Ló Ti Wọ́?

Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Àwọn kan máa ń pa òwe yìí bí ẹni ń bu ẹni tó ń lànà. Èmi kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó di àdá mú, tó kọjú sígbó, iwájú ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Kò lè máa ṣánko kó tún máa bojú wẹ̀yìn. Àìrí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ẹjọ́ wà, bó bá rí i tó dákẹ́, tàbí tó kàn pariwo pé "ó wọ́" láìsọ ibi tó ti wọ́.

Òwe yìí ló wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ tí mo gbé fọ́ọ̀mù kan lọ tẹ̀ ní Ṣómólú, níbi tí ilé ìtẹ̀wé ti fara kan ilé ìtẹ̀wé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni yóò fi sọ fún olùkọ́ bí kọ́ọ̀sì ṣe ń lọ. Fọ́ọ̀mù àtijọ́ tí a fẹ́ pààrọ̀ ní ogún ìbéèrè, 1 sí 5 sì ni ìdáhùn gbogbo wọn. Lópin sẹmẹ́sítà, ìpíndọ́gba nìkan ni olùkọ́ ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìpíndọ́gba yẹn ń bò mọ́lẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 120 dáhùn bóyá àlàyé olùkọ́ yé wọn: 60 mú 5, 60 mú 1. Ìpíndọ́gba jẹ́ 3. Bí gbogbo wọn bá mú 3, 3 náà ni. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ pé àwọn tó jókòó níwájú ló ń gbọ́ ohùn olùkọ́, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń bò ó mọ́ àwọn tẹ̀yìn létí. Gbohùngbohùn lásán ni wọ́n nílò, 3 kò sì lè sọ ọ́.

Ìbéèrè mìíràn nínú fọ́ọ̀mù náà kà pé: "Olùkọ́ ń dé lásìkò, ó sì ń ṣàlàyé dáadáa." Ìbéèrè méjì ni wọ́n so pọ̀ yìí. Kí ni kí ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ́ àmọ́ tó ń pẹ́ dé mú?

Ẹni tó ń tẹ̀lé ọ̀nà rí ibi tó wọ́, ṣùgbọ́n kò mọ gbogbo ohun tó wà níwájú. Nítorí náà, a kò bi akẹ́kọ̀ọ́ bóyá olùkọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ká bi. Ohun tí ojú àti etí akẹ́kọ̀ọ́ tó ni ká bi í. Síbẹ̀, ojú yẹn náà lè tàn án. Ìwádìí kan jáde ní 2015 láti North Carolina, ní Amẹ́ríkà, nípa kọ́ọ̀sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ti rí olùkọ́. Olùkọ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló kọ́ wọn: kálukú lo orúkọ ara rẹ̀ fún ẹgbẹ́ kan, ó sì lo orúkọ ẹnì kejì fún ẹgbẹ́ mìíràn. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ ń gba máàkì wọn. Orúkọ ọkùnrin gba 4.35 nínú 5 fún yíyára dá iṣẹ́ padà. Orúkọ obìnrin gba 3.55. Nítorí èyí, dípò "Ṣé olùkọ́ ń yára?", a kọ ọ́ pé: "Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ gba iṣẹ́ yín padà?" Ó ṣòro díẹ̀ fún ojúsàájú láti wọ inú iye ọ̀sẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin ló kù sórí fọ́ọ̀mù tuntun náà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni: "Kókó wo ni kò tíì yé ọ? Kí lò ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ?" Ìlà méjì ni atẹ̀wé fi sílẹ̀ fún un, kó lè gbà á sí ojú ewé kan. Mo ní kó sọ ọ́ di méje. Ọmọ tó bá rí ìlà méjì á kọ "ó dáa, sà", á sì dìde.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà nínú ọ̀sẹ̀ 15 tí sẹmẹ́sítà ní la pín fọ́ọ̀mù náà, kì í ṣe ìgbà tí ọ̀nà ti parí, tó jẹ́ pé àwọn tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ nìkan ni àtúnṣe máa wúlò fún. Olùkọ́ bọ́ síta. Ẹlòmíràn ló kó o jọ, a kò sì béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Nílẹ̀ wa, ta ni yóò sọ fún àgbà tí máàkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ pé ọ̀nà rẹ̀ wọ́, bí àgbà náà bá mọ ohùn rẹ̀? Nínú kíláàsì ọmọ mẹ́jọ, ìṣọwọ́kọ̀wé nìkan tó láti dá wọn mọ̀, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ ìdáhùn wọn kí olùkọ́ tó rí i.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ náà dúró níwájú wọn pẹ̀lú ìwé kékeré kan lọ́wọ́. "Mo ka gbogbo rẹ̀," ló wí. "Ẹ ní mo máa ń nu pátákó kí ẹ tó kọ ìlà kẹta tán. Láti òní, apá òsì á wà níbẹ̀ títí kíláàsì á fi parí. Ẹ tún ní kí n dín iṣẹ́ àṣetiléwá kù. Ìyẹn ò ní ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín."