Lẹ́tà sí Ìyá Kántíìnì

Ní Ṣómólú, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í jẹ́ kí àdúgbò tòrò láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan wà tí ó ń fi ìwé dídì ṣe iṣẹ́ jẹun, tí iṣẹ́ náà sì ti kọ́ ọ láti máa ka ohunkóhun tí a bá tẹ̀ sí ara nǹkan, bí ó ti wù kí lẹ́tà rẹ̀ kéré tó. Àṣà yìí ni ó mú un yí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí ọmọ rẹ̀ gbé bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ ní Bàríga padà, tí ó sì rí i pé nínú mìlílítà 100, ṣúgà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 11. Ìlàjì lítà ni ìgò náà gbà. Nígbà tí ó ṣírò rẹ̀ tán, ó di nǹkan bí gíráàmù 53, èyí tí í ṣe ṣíbí ìmutíì 13, tí ọmọ ọdún mẹ́jọ mu tán kí ó tó dé ilé.

Lẹ́tà tí ó kọ́kọ́ kọ, tí ó mú tọ̀ mí wá pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, kò ṣeé fi ránṣẹ́. Ó pe obìnrin tí ń tajà nílé-ẹ̀kọ́ náà ní ẹni tí ń fi àìsàn ta ọmọ ọlọ́mọ. Mo bi í léèrè bóyá obìnrin náà ni ó po ẹlẹ́rìndòdò. Ó dákẹ́ pẹ́ títí, ó sì fa ìwé náà ya. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó, ìwé tí ó tún kọ bẹ̀rẹ̀ báyìí pé: “Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdúró nínú oòrùn.” Kò sì kọ ẹ̀dà rẹ̀ sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, nítorí ó gbà pé a kì í fi ẹjọ́ ẹni tí a kò tíì bá sọ̀rọ̀ sùn.

Ìkíni dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti rí ìwà rẹ̀. Òtítọ́ ni ó le jù nínú ohun tí ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ ṣe. Láti ọdún 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí ṣúgà má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún ni. Bí ọmọ bá sì ń jẹ kálórì 1,600 lóòjọ́, gíráàmù 40 péré ni ìwọ̀n rẹ̀. Ìgò kan ti kọjá rẹ̀. Èyí wà nínú lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí tún ti kọ ọ́ pé kí a fi omi èso inú páálí rọ́pò mínírà, mo sì ní láti fi hàn án pé omi èso tí a ti fún wà nínú òǹkà àjọ náà gan-an, nígbà tí ọsàn tí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ mu kò sí nínú rẹ̀. Omi èso inú páálí yìí ni ó sì ti ń rà sílé fún odidi ọdún kan. Ó pa á rẹ́, ó fi sóbò sí ipò rẹ̀, ó sì kọ sísàlẹ̀ pé òun náà ti ṣìnà lórí èyí.

Ìyá kántíìnì kò kọ lẹ́tà padà. Ó ránṣẹ́ pè é. Ó ní mínírà kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n sóbò tí a bá sè lónìí, bí iná bá lọ mọ́jú, yóò ti máa hó fùkẹ̀ lọ́la, ike yóò wú, yóò sì máa rùn bí ọtí. Ta ni yóò san owó rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tòótọ́ ni. Ìjọba pàápàá gbìyànjú láti fi owó dín mínírà kù: nínú òfin ìṣúná tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní òpin ọdún 2021, ó gbé owó-orí náírà 10 lé lítà ẹlẹ́rìndòdò aládùn kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó já sí náírà 5 lórí ìgò ọmọ yìí. N kò mọ ọmọdé tí náírà 5 yóò dá dúró ní ẹnu ọ̀nà kántíìnì.

Níbí ni ìyá yìí ti ṣe ohun tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó ní kí ìyá kántíìnì se ìwọ̀n tí yóò tán lóòjọ́ nìkan: kí ó ṣan ìsápá gbígbẹ dáadáa, kí ó sè é pẹ̀lú atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a ti fọ̀ mọ́, kí ó bò ó títí yóò fi tutù, kí ó sì rọ ọ́ sínú ike tí a ti fi omi gbígbóná ṣan. Kí ó má bu ṣúgà sí i, nítorí sóbò tí a bu ṣúgà sí bí ti ọjà kò yàtọ̀ sí mínírà. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, òun yóò rà á.

Ìyá kántíìnì kò kó mínírà kúrò. Ó gbé e sẹ́yìn, ó sì gbé omi, ọsàn bíbó àti sóbò síwájú. Lọ́jọ́ Ajé, ike mọ́kànlá ṣẹ́kù. Mo rí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ní Fọlá Àgòrò, ó gbé báàgì rẹ̀ lé èjìká, àwọn ike náà sì ń kan ara wọn nínú rẹ̀ bí ó ti ń lọ sílé.