Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Gúrúùpù Lórúkọ

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá àwọn ọmọ tó fẹ́ dá gúrúùpù ìkọ̀kọ̀ sílẹ̀ lórí Wáàsáàpù, láti fi àríyá ọjọ́ìbí ya ìyá wọn lẹ́nu, wí ju bó ṣe bá bàbá ìkókó wí lọ. Bàbá ìkókó ń wá orúkọ tí gbogbo ayé á máa pè. Orúkọ tí àwọn wọ̀nyí ń wá ni èyí tí ìyá wọn lè rí lójú fóònù, tí kò sì ní wù ú kó wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n á fẹ́ kí orúkọ náà dún bí ọ̀rọ̀ awo. Wọ́n á pè é ní “Iṣẹ́ Àṣírí”, tàbí “Ẹ Má Sọ Fẹ́nì Kan”. Ìyá tó bá rí irú èyí lójú fóònù ọmọ rẹ̀ tí kò bá bèèrè ohun tó jẹ́, ara ìyá náà ni kò yá. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀; orúkọ tó ń ṣe fọ́nńté bí èyí ló ń la ẹnu ògiri fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá, Ìbàdàn ló ń gbé, ó sì kù díẹ̀ kó pé ẹni 70 ọdún. Ọmọ mẹ́rin ló bí. Àbígbẹ̀yìn obìnrin ń bá a gbélé, ọ̀kan wà l'Ékòó, ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan wà ní Hústìn. Àbúrò ìyá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ nípa ètò náà. Orúkọ kan ṣoṣo ni gúrúùpù máa ń jẹ́ lórí fóònù gbogbo wọn, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn pé fóònù ta ni ọwọ́ ìyá lè kàn. Ti Èkó, ti Lọ́ńdọ̀nù àti ti Hústìn ò kàn án. Fóònù àbígbẹ̀yìn tó máa ń wà lórí tábìlì oúnjẹ, ti àbúrò ìyá àti ti ọ̀rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ wà.

“Ìpàdé Ẹbí” kò lè ṣiṣẹ́. Ìyá á bèèrè ẹbí tó ń ṣèpàdé láìsí òun níbẹ̀. “Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú” tún burú sí i, torí kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti pe àwọn mọ̀lẹ́bí pé wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá òun. “Owó Ilé Ìwé” á mú kó máa ronú pé ọmọ-ọmọ òun kan wà nínú ìṣòro, bóyá kó tilẹ̀ fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ránṣẹ́. Orúkọ ilé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò. Yàtọ̀ sí pé orúkọ ń ro ni, àyà obìnrin tó ti dàgbà kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré.

Èyí tí mo fara mọ́ ni “Dátà Olówó Pọ́ọ́kú”. Irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí fóònù káàkiri ìlú, àwọn tó ń ta dátà ló ń fi èèyàn sí i, kò sì sí ẹni tó ń kà á. Àbúrò ìyá lè ní in, ọ̀rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà lè ní in. Ìyá kì í ra dátà fúnra rẹ̀, ọmọ-ọmọ ló ń bá a rà á. Ká ní ìyá tó máa ń ná dátà bí ẹni ná ata ni, orúkọ yìí ì bá ti bàjẹ́, torí á fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń tà á. Ilé tí mo ní ká wò náà nìyẹn.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú máa sọ ẹnà nínú gúrúùpù. Ẹnà tí a fi ń ki sílébù bọ àárín ọ̀rọ̀, ìyá ẹni 70 ọdún ti sọ ọ́ jọ̀ọ́ kí a tó bí ẹni tó fẹ́ fi tàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni pípe ejò ní okùn lóru, tàbí pípe ṣànpọ̀nná ní ilẹ̀ gbígbóná. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí à ń wí. Ẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ ló bí irú orúkọ wọ̀nyẹn, kì í ṣe àṣírí.

Inú ọjà dátà kan náà ni kí wọ́n ti mú orúkọ ohun gbogbo, nítorí ìlà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ máa ń yọ lójú fóònù kódà bí fóònù bá wà ní títì. Ìyá di nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Owó tí kálukú máa dá di káàdì. Kéèkì di mọ́dẹ́ẹ̀mù. Gbọ̀ngàn di máàsì. Ó tó bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ bá ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, ẹnì kan á bèèrè ìtumọ̀ ní gbangba. Ẹ wá wò ó bí àbígbẹ̀yìn bá kọ ọ́ pé, “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní sí láago méjì sí márùn-ún, ẹ lè gbé mọ́dẹ́ẹ̀mù wá.” Ẹni tó bá kà á lórí tábìlì á kàn pòṣé ni. Ká ní wọ́n pe ìyá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wọ́n sì pe kéèkì ní ewúrẹ́, gbólóhùn náà á dàrú, ojú á sì tẹ̀ lé e.

Wáàsáàpù ní ibi tí a ti lè ti gúrúùpù pa, fóònù náà sì ṣeé ṣètò kó má gbé ọ̀rọ̀ jáde lójú. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyá ò mọ ibẹ̀. Kò tilẹ̀ fẹ́ràn àtitẹ ọ̀rọ̀, ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́. Ẹ sì mọ bí ohùn ṣe máa ń ké síta bí a kò bá gbé fóònù sétí: “Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi, kéèkì ìyá yín ńkọ́?” Kí àkọ́bí ti pè é lórí fóònù kí ó tó fi í sí gúrúùpù: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹ pè mí.” Bí wọn ò bá pè é tẹ́lẹ̀, á rí i pé wọ́n sọ òun sínú gúrúùpù àwọn tó ń ta dátà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ni yóò sì gbé fóònù fún pé kó bá òun yọ ara òun kúrò.

Ewu tó tún kù ni àṣìránṣẹ́. Gúrúùpù ẹbí tí ìyá wà nínú rẹ̀ máa ń wà lókè lójú fóònù, tuntun náà á sì wà nítòsí rẹ̀. Bí orúkọ méjèèjì bá fi lẹ́tà kan náà bẹ̀rẹ̀, tí àwòrán wọn sì jọra, owó gbọ̀ngàn á bọ́ síwájú ìyá lọ́jọ́ kan. Èèyàn lè pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ fún gbogbo wọn, àmọ́ Wáàsáàpù á fi àmì sílẹ̀ pé a pa nǹkan rẹ́, ìyẹn gan-an sì ni ìyá á bèèrè.

Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ìbàdíàrán, Eyínfúnjowó, Akọ̀wé, ohun tó rí lára onítọ̀hún ló fi ń pè é, kí inú rẹ̀ lè dùn. Orúkọ ìkọ̀kọ̀ kò gbọdọ̀ tọ́ka sí ara ìyá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù, torí lẹ́yìn àríyá, àbígbẹ̀yìn á gbé fóònù fún un pé kó wá wo bí àwọn ṣe ṣe é. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó lè rẹ́rìn-ín sí i. “Ọ̀gá Alárìíwísí”, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ìjà ni. Kí àbígbẹ̀yìn yáa ti pa ibi tí Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó ti ń jà lórí káàdì rẹ́ kó tó gbé e fún un.