Lẹ́tà H Kan Ṣoṣo

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi wo ilé, kò wo ìwé. Nígbà tó lọ forúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, Fọláṣadé ló pè é, FOLASHADE ni akọ̀wé kọ. Ẹ̀gbọ́n mi ká ìwé náà sínú àpótí. Ní ilé-ìwé, FOLASADE ni wọ́n kọ. Létí Yorùbá, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ènìyàn méjì ni.

Ọmọ náà ń múra ìdánwò àṣejáde kí ọ̀ràn tó bẹ́. Ìwé ìbí ni wọ́n fi gba NIN rẹ̀, láti ara NIN ni JAMB sì ti ń fa orúkọ. H ti wọbẹ̀, èsì WAEC kò sì ní ní in.

Ẹ̀gbọ́n mi sáré lọ bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tẹ̀wé lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Ìyẹn tẹ ìwé ìbúra pé ọmọ náà yí orúkọ padà, ó gbé e wọlé, ó sì gbé e jáde pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò fojú kan ẹnikẹ́ni nínú kóòtù. Ibi tó gbé ìwé náà dé, wọ́n dá a padà.

Lọ́yà kan ní Òdìgbó ló là wá lójú. Ó ní ẹni tó bá ní òun yí orúkọ padà ti gbà pé tòun ni orúkọ àkọ́kọ́. Àtúnṣe àṣìkọ ni tiwa. Bákan náà, ẹni tí kò fara han òṣìṣẹ́ tí òfin yàn láti gba ìbúra, ìbáà ṣe lójúkojú tàbí lórí fídíò, kò tíì búra, bó ti wù kí òǹtẹ̀ pọ̀ tó.

A tún un ṣe. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún 18, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi, bàbá rẹ̀, ló búra. Gẹ́gẹ́ bí Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ti wí, ìwé náà sọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ àti ọmọ orílẹ̀-èdè tó jẹ́, ó sì to ọ̀rọ̀ ní oókan-oókan: pé òun ni bàbá ọmọ, pé Folasade lòun sọ ọ́, pé àṣìkọ ni Folashade, pé ẹnìkan ṣoṣo ló ni méjèèjì. Nítorí kò mọ̀wé, wọ́n ka gbogbo rẹ̀ fún un lédè Yorùbá níwájú òṣìṣẹ́ náà, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé ó yé e kó tó tẹ̀ka.

Ẹ̀gbọ́n mi rò pé ó parí. Kò tíì parí. Ìwé ìbúra kì í pa orúkọ rẹ́ nínú ìwé ìjọba. Ẹ̀rí lásán ni. A gbé e pẹ̀lú ojúlówó ìwé ìbí lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n tó tún ti ibẹ̀ ṣe, lẹ́yìn náà la lọ tún NIN ṣe. Ká ní a ti orí NIN bẹ̀rẹ̀, ìwé ìbí tó ní H ni wọn ìbá tún béèrè.

Nísinsin yìí, tí wọ́n bá na ìwé sí ẹ̀gbọ́n mi láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì, kì í kúrò níbẹ̀. Á ní kí ẹni tó wà lẹ́yìn òun bá òun pe lẹ́tà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.