Iná Pupa Kan, Ẹ̀sùn Mẹ́ta

Bàbá Ìbejì àdúgbò wa ń ti Ìbàdàn bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ òjò kan nígbà tí iná pupa tí wọ́n ya bátìrì sí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá ti tan éésì, iná iwájú á ṣókùnkùn, nǹkan á sì máa han lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí eku tí pàkúté mú nírù. Bó bá pa éésì, ariwo á dákẹ́, iná pupa á sì kú. Ariwo yẹn gan-an ló yẹ kó tẹ́tí sí, nítorí owó bẹ́líìtì nìkan ni ì bá ná.

Bẹ́líìtì ló ń yí átánétọ̀, átánétọ̀ ló sì ń fún bátìrì àti gbogbo ọkọ̀ níná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹrù bá pọ̀ lórí rẹ̀, bí i éésì, iná iwájú àti wáípà lẹ́ẹ̀kan náà, átánétọ̀ á wúwo láti yí. Bẹ́líìtì tó ti dẹ̀, tàbí tí inú rẹ̀ ti ń dán, á wá máa yọ̀ lórí púlì, pàápàá tí omi bá kàn án.

Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ń ta bátìrì, àmọ́ ìyẹn kò yẹ bẹ́líìtì wò. Bó ṣe rí àwòrán bátìrì ló ní bátìrì ti kú. Ó ta tuntun fún un, ó sì gba ògbólógbòó mọ́ owó. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ọ̀hún kò fà rí láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ ló máa ń dáhùn. Bátìrì tó rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tan iná pupa. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé ọkọ̀ ni yóò tú ara rẹ̀ fó: á máa lọ́ra, iná á ṣú, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde, gbogbo rẹ̀ á padà sípò.

Iná pupa tún ṣẹ́jú. Bàbá Ìbejì gbé ọkọ̀ lọ bá ọmọkùnrin rìwáyà kan. Ìyẹn ní kó tẹ iná mọ́tò, ó sì yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ké. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Ó ní, “Ẹ ò rí i, sà? Átánétọ̀ yín dáa.” Àmọ́ nígbà tó yọ ọ́, iná iwájú funfun báláú, rédíò sì dákẹ́ pátápátá. Bátìrì ló máa ń gbé àpọ̀jù iná tí átánétọ̀ bá tú jáde mì. Bí wọ́n bá já a lójijì, iná náà á fò sókè, á sì jó ohun tó bá kàn. Ọ̀pọ̀ rìwáyà ṣì ń ṣe àdánwò yìí lónìí, mo sì rò pé ó yẹ kí oníọkọ̀ di ọwọ́ wọn mú.

Láti ọjọ́ yẹn iná pupa kò kú mọ́, éésì wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o. Iná iwájú ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìrìn bá ṣe ń pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni títẹ iná mọ́tò kò mú un tàn sí i.

Àgbà rìwáyà tó yanjú rẹ̀ kọ́kọ́ ní, “Ẹ pa á ná, Bàbá.” Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣájì bátìrì, ó fi mítà kan orí rẹ̀: fóòtì 12.6, bátìrì kún. Bátìrì ló kọ́kọ́ wò, nítorí èyí tí nǹkan ti bàjẹ́ nínú rẹ̀ lè fa gbogbo ìwọ̀n yòókù sílẹ̀. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì: 12.3. Ó yẹ kó lé ní 13.8, kó má sì kọjá nǹkan bí 14.7. Wọ́n tẹ iná mọ́tò, kò kúrò lójú kan.

Kò tíì tú átánétọ̀, nítorí bẹ́líìtì tó ń yọ̀ náà lè fa irú èyí. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì, ó dẹ̀ jù. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n: 12.3 kan náà. Ìgbà náà ló tú átánétọ̀. Bọ́rọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ṣì gùn, kò sì sí wáyà tó já, ṣùgbọ́n régúlétọ̀ ti jó. Ó ní régúlétọ̀ mìíràn wà tó máa ń bàjẹ́ lódìkejì: fóòtì á lé ní 15, gílóòbù á máa jó léraléra, bátìrì á máa hó, á sì máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́.

Bí iná pupa bá tàn láàárín ọ̀nà, àgbà náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tó ń sọ bí ooru ẹ́ńjìnnì ṣe tó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì kan náà ló ń yí pọ́ńpù omi. Bó bá já, kí wọ́n dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ooru kò bá gòkè, kí wọ́n pa éésì àti rédíò, kí wọ́n wá ilé epo tó súnmọ́. Lálẹ́, tí iná iwájú ń jẹ bátìrì, kò sí ẹni tó yẹ kó fi ọkàn sí i pé yóò gbé òun dé Èkó.

Nígbà tó fi régúlétọ̀ tuntun sí i, mítà sọ 14.2. Wọ́n tan éésì, iná iwájú àti wáípà pọ̀, ó bọ́ sí 13.9, ó sì dúró síbẹ̀. Ó ní kí Bàbá Ìbejì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí òun tún bẹ́líìtì fà, torí tuntun máa ń nà díẹ̀.